Ìtàn Indomie, Ta Ló Ni Ín?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ́ nípa ọjà títà ní Nàìjíríà kì í pẹ́ bá Indomie pàdé. Lọ́dún 1988 ni ilé-iṣẹ́ Tolaram bẹ̀rẹ̀ sí í tà á níbí, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí rẹ̀, ìwé kan tó dára láti gbé ni The Prosperity Paradox, tí Clayton Christensen, Efosa Ojomo àti Karen Dillon kọ lọ́dún 2019.

Ẹni tó da odindi ìpínrọ̀ kọ mọ̀ pé olè lòun ń jà. Ti ẹni tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ni kì í hàn sí onítọ̀hún fúnra rẹ̀. Ìwé yẹn ṣàlàyé pé ọjà tuntun máa ń yọ láti inú àìní àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì tajà fún, ó sì fi Tolaram ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ ọ́ pé: “Tolaram rí oníbàárà níbi tí àwọn yòókù ti rí òṣì.” Ó lè má sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó bá ti ìwé mu, síbẹ̀ èrò àwọn Christensen ni, aṣọ ló pààrọ̀ fún un.

Ohun tó yẹ kó kọ ni pé: “Lójú Christensen et al. (2019), àwọn tí kò rí ohun tí wọ́n nílò rà ni Tolaram sọ di oníbàárà.” Bí òǹkọ̀wé bá ti tó mẹ́ta, bí ìlànà APA ṣe ń kọ orúkọ wọn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé gan-an ló mú, àmì àyọlò àti nọ́ńbà ojú ìwé á tẹ̀ lé e. Orúkọ wọn níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn sì dáa, torí bó bá jẹ́ ìparí ìpínrọ̀ nìkan ló wà, òǹkàwé kò ní mọ ibi tí tiwọn parí sí, tí ti akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ká má tàn ara wa, ni olùkọ́ ń wá.

Àṣìṣe mìíràn wọ́pọ̀ lórí 4P, ìyẹn ọjà fúnra rẹ̀, iye owó, ibi títà àti ìpolówó. Philip Kotler ni ọ̀pọ̀ ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ E. Jerome McCarthy ló gbé e jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1960. Kotler tàn án kálẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ inú ìwé Kotler lo ti kà á, sọ pé McCarthy ló ni ín, gẹ́gẹ́ bí Kotler ṣe tọ́ka sí i. Ìwé Kotler nìkan ni kó wọ àkójọ ìwé tó wà lẹ́yìn àròkọ, torí òun lo ṣí.

Àwọn kan gbójú lé Turnitin. Ohun tí Turnitin ń kà ni ọ̀rọ̀ tó jọra: àyọlò tó ní àmì lè mú kí nọ́ńbà rẹ̀ ga, kó má sì sí olè níbẹ̀. Gbólóhùn òṣì àti oníbàárà yẹn ní tirẹ̀ lè kọjá láìfura, títí yóò fi dé ọwọ́ olùkọ́ tó ti ka ìwé náà.