Èrò àti Awakọ̀ Nínú Ọkọ̀ Kan Náà

Lọ́dún 1893, Émile Durkheim, onímọ̀ nípa àwùjọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé kan jáde lórí pípín iṣẹ́. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà pé bí oníkálukú bá gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan, àwùjọ á tú ká. Durkheim ní rárá o, iṣẹ́ tí a pín gan-an ló ń so wá pọ̀. Láyé àtijọ́, ìjọra ló ń mú àwọn èèyàn wà pa pọ̀. Nínú ìlú ńlá, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò sì wọ kèrègbè ni.

Àmọ́ ó ṣe ìkìlọ̀ méjì. Pípín iṣẹ́ kì í so èèyàn pọ̀ bí àwọn tó ń ṣe é kò bá ní àjọṣe tó lófin nínú, tàbí bí ẹnì kan bá lágbára débi pé ohun tó bá ti là sílẹ̀ ni ẹnì kejì gbọ́dọ̀ gbà.

Ẹ wá wo awakọ̀ Uber kan ní London, ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Fóònù dún. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló ní láti gba iṣẹ́ náà. Kò ní mọ ibi tí èrò ń lọ títí èrò á fi wọkọ̀. Ilé iṣẹ́ náà ló dá iye owó. Bó bá ń kọ iṣẹ́ léraléra, áàpù á tì í síta fúngbà díẹ̀. Bí ìràwọ̀ tí àwọn èrò ń fún un bá rẹlẹ̀ ju 4.4 lọ, iṣẹ́ lè bọ́. Kò sì gbọdọ̀ gba nọ́ńbà èrò kó lè tún wá gbé e lọ́la. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni èrò jókòó sí, ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀ ló sì ń bá àwọn méjèèjì dúnàádúrà.

Àdéhùn orí ìwé sọ pé ọ̀gá ara rẹ̀ ni awakọ̀. Durkheim ti wí tẹ́lẹ̀ pé àdéhùn kì í dá dúró, òfin àwùjọ ló gbé e ró. Ní February 19, 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ojú ọ̀nà yẹn: àwọn adájọ́ fi ìwé sílẹ̀, wọ́n wo ẹni tó ń dá owó àti ẹni tó ń darí iṣẹ́, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ tí òfin dáàbò bò ni àwọn awakọ̀ náà.

Oògùn tí Durkheim fúnra rẹ̀ dábàá lọ́dún 1902 ni ẹgbẹ́ oníṣẹ́. Ní May 2021, Uber gbà láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ GMB jókòó. Owó oṣù tó kéré jù lọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti pin nìyí: ilé ẹjọ́ ní láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti tan áàpù, tó sì ṣe tán láti gbérò, ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Uber ní tirẹ̀ ń kà á láti ìgbà tó bá gba iṣẹ́ títí èrò á fi sọ̀ kalẹ̀. Wákàtí tó fi dúró de èrò létí títì kò sí nínú ìṣírò.