Akọ̀wé Owó Tí Kò Béèrè Iye Ọjà Tó Kù Nílẹ̀

Ẹni tó bá ń tajà lórí Wásáàpù tàbí Fesibúùkù ti mọ irú ìpolówó yìí: "Ṣé ọwọ́ yín dí? Ẹ gbájú mọ́ ọjà títà, a ó bá yín kọ ìwé owó yín. 20,000 náírà péré lóṣù." Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ni kì í ráyè jókòó ti ìwé. Àmọ́ ìpolówó bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọ ohun tí wọ́n máa gbé lé oníṣòwò lọ́wọ́ nígbà tí oṣù bá parí, kì í sì í sọ ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó lè ṣeé ṣe. Níbẹ̀ gan-an la ti ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń da nǹkan kọ láti inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń ta àǹkárá ní ọjà Gbági n'Íbàdàn. Ó ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó rí aṣọ náà lórí fóònù. Lóṣù kan, 1,410,000 náírà wọlé sínú àkáǹtì rẹ̀, ó sì ra ọjà 1,000,000 náírà. Lójú tirẹ̀, ó ti jèrè 410,000. Síbẹ̀, kò rí owó náà kó jọ níbì kankan. Tó bá lọ gba akọ̀wé owó tí kò wo ohun mìíràn ju sítétímẹ́ǹtì báńkì lọ, 410,000 yẹn náà ni ẹni yẹn máa kọ fún un, á sì tún san 20,000 lé e.

Ìbéèrè ni ẹni tó mọ iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó kí ni 150,000 tó wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí?" "Àjọ ni mo kó." A jẹ́ pé kì í ṣe owó ọjà nìyẹn, owó ara rẹ̀ ló padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tún rí 60,000 tí àwọn oníbàárà san lé owó aṣọ kí ọlọ́kadà lè gbé e wá fún wọn. Owó ọlọ́kadà ni, ó kàn gba ọwọ́ ìyá náà kọjá ni. Tí a bá yọ méjèèjì kúrò, owó ọjà tó gba báńkì wọlé kò ju 1,200,000 lọ.

Ó tún kù. Àwọn kan sanwó lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, 100,000 lápapọ̀, owó yẹn kò sì dé báńkì rárá. Àwọn mìíràn ra àwìn 80,000, inú ìwé pélébé tó wà lábẹ́ tábìlì nìkan ni orúkọ wọn wà. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọjà tó tà lóṣù náà jẹ́ 1,380,000 náírà.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ló wá kàn: "Ẹ̀yin mà, èló ni ọjà tó wà nílẹ̀ nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀, èló ló sì kù báyìí?" Iye tí a fi ra ọjà la fi ń dáhùn ìbéèrè yìí, kì í ṣe iye tí a fẹ́ tà á. Aṣọ 600,000 ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ó ra 1,000,000 kún un, ó di 1,600,000. Nígbà tí wọ́n kà á lọ́jọ́ tí oṣù parí, 450,000 ló kù. Èyí túmọ̀ sí pé aṣọ tó tà lóṣù náà ti ná an ní 1,150,000, ó ju 1,000,000 tó rò lọ, torí pé ó tà nínú ọjà àtijọ́ láì fi òmíràn dípò gbogbo rẹ̀. Nínú 1,380,000, ohun tó kù lẹ́yìn owó aṣọ jẹ́ 230,000.

Inú èyí la ti máa yọ ìnáwó. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó oṣù ọmọbìnrin tó ń bá a tajà, dátà àti owó tí báńkì ń yọ jẹ́ 96,000. Ti ọlọ́kadà ló fara sin jù. Iye kan náà ló ń gbà lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà, àmọ́ bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ọlọ́kadà ń gbowó. Tí wọn ò bá sì bá oníbàárà nílé, ẹrù náà á padà, ìyá náà á tún sanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì. 60,000 ló gbà, 85,000 ló san, 25,000 tó ṣẹ́ kù ti àpò ara rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn gbogbo èyí, èrè rẹ̀ jẹ́ 109,000, kì í ṣe 410,000. 80,000 nínú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bẹ́ẹ̀ 120,000 ló mú lọ sílé fún oúnjẹ àti owó iléèwé. Ó ti jẹ 11,000 nínú ojú owó láì mọ̀, ìdí nìyẹn tí àtẹ rẹ̀ fi ń fúyẹ́.

Sítétímẹ́ǹtì báńkì nìkan kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí ẹ tó dá ẹni tó polówó lóhùn, ẹ bi í bóyá ó máa gba iye ọjà tó kù nílẹ̀ àti ìwé àwìn lọ́wọ́ yín. Tó bá ní kò pọn dandan, iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe kò lè fi èrè yín hàn yín. Ẹ fún un ní ìwé oṣù kan ṣoṣo kó fi dánra wò. Tó bá dá ìwé náà padà láì béèrè ohunkóhun, ẹ má ṣe bá a lọ síwájú, torí kò sí ìwé oníṣòwò kan tí kò ní ibi tó ṣókùnkùn sí ẹni tí kì í ṣe òun ló tajà.

Ẹ béèrè ohun tí kò sí nínú 20,000 náà pẹ̀lú. Ìwé oṣù tó ti kọjá tí ẹ ò kọ sábà máa ń ní owó tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó orí. Tí ìpolówó bá ní akáńtáǹtì tó gbàwé ẹ̀rí ni ẹni náà, ẹ béèrè bóyá ICAN tàbí ANAN ló wà, kí ẹ sì wádìí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kò pọn dandan kí ẹni tó ń kọ ìwé owó kékeré wà nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá sọ pé òun wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní ti báńkì, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gba sítétímẹ́ǹtì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ yìí kò gba nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín, kò sì gba èyí tí báńkì fi ń ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Ẹ̀yin tó ń polówó iṣẹ́ yìí náà, ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Kí oṣù tó tán, ẹ ka ọjà yín, kí ẹ fún wa ní iye rẹ̀, ìwé àwìn àti sítétímẹ́ǹtì. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù tuntun, a ó fi ìwé kan ránṣẹ́ tó sọ ohun tí ẹ tà, ohun tó ná yín, èrè yín, ẹni tó jẹ yín lówó àti iye tí ẹ mú lọ sílé." Oníṣòwò tó bá ka èyí ti mọ ohun tó fẹ́ rà.

Ṣé ó yẹ kí ìyá Gbági náà san 20,000 nínú èrè 109,000? Tí ìwé náà bá mú kó máa gba owó ọlọ́kadà bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó, kó sì máa pe oníbàárà kí ẹrù tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, 25,000 tó ń jò yẹn nìkan lè san owó akọ̀wé. Tí kò bá ní yí ohunkóhun padà lẹ́yìn tó kà á, kó fi owó rẹ̀ ra ọjà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ṣì kéré lè ṣe é fúnra rẹ̀: kó ka ọjà lọ́jọ́ tí oṣù bá parí, kó kọ àwìn sójú kan, kó sì ya owó ilé sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọjà. Bó bá tilẹ̀ wá gba akọ̀wé lọ́jọ́ iwájú, ohun mẹ́ta yìí náà ló máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.