Ọ́dítọ̀ Ti Rí I, Ó Ti Kọ Ọ́ Sílẹ̀, Kí Ló Kàn?

Ní oṣù kìíní ọdún 2003, ìwé kan jáde ní Àbújá tí inú ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba kò dùn sí. Vincent Azie, tó jẹ́ adelé Ọ́dítọ̀ Àgbà fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, ló kọ ọ́. Ó ti yẹ ìnáwó ọdún 2001 wò, ó sì to ohun tó rí lẹ́sẹẹsẹ: owó iṣẹ́ tí wọ́n san láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ náà, owó ọjà tí wọ́n bù lé, owó tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà sọ́wọ́ tí wọn kò sì padà wá ṣírò bí wọ́n ṣe ná an. Kò fi ọ́fíìsì Ààrẹ sílẹ̀, kò sì fi ilé aṣòfin sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì, Azie ti kúrò lórí àga.

Ọ̀nà tó gbà kúrò ló yẹ ká wò dáadáa. Abala 87 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé Ààrẹ kò lè dá yọ Ọ́dítọ̀ Àgbà kó tó tó àkókò ìfẹ̀yìntì. Àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Ilé Aṣòfin Àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kó lọ, nítorí pé kò lè ṣe iṣẹ́ mọ́ tàbí nítorí pé ó hùwà tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n adelé ni Azie. Abala 86 sì sọ pé adelé kò gbọ́dọ̀ lò ju oṣù mẹ́fà lọ láìjẹ́ pé ilé aṣòfin náà gbà bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé, wọn kò tún un yàn, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò sí pé à ń wá ìbò ẹnikẹ́ni. Odi tí òfin mọ yí ipò náà ká kò dáàbò bo ẹni tí wọn kò tíì fi joyè gan-an.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ tó kan gbogbo wa. Bí ọ́dítọ̀ bá rí i, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ló kàn? Ká tó dáhùn, ó yẹ ká mọ ẹni tí ọ́dítọ̀ jẹ́ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Oríṣi ọ́dítọ̀ méjì ló ń ṣọ́ owó ìjọba. Ọ́dítọ̀ inú ilé wà nínú iléeṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀, ó sì máa ń yẹ ìwé wò kí owó tó jáde. Ọ́dítọ̀ Àgbà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń wá láti ìta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ná owó, ilé aṣòfin ni wọ́n sì ń jábọ̀ fún. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wo bí iṣẹ́ àwọn méjèèjì ṣe rí.

Ká ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kan fẹ́ ra tábìlì ìkọ̀wé 500 fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦40,000. ₦20,000,000 ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá wá gba owó, wọ́n á kọ fáúṣà, ìyẹn ìwé ìsanwó, fáúṣà náà á sì dé orí tábìlì ọ́dítọ̀ inú ilé. Ó máa ń wò ó bóyá owó wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìṣúná. Á wo lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà jáde, á sì wo ẹni tó fọwọ́ sí i, bóyá irú owó bẹ́ẹ̀ kò kọjá ohun tí ipò onítọ̀hún lè fọwọ́ sí. Á wo ìwé tí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ kọ pé òun ti gba ẹrù náà wọlé. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, á lu òǹtẹ̀ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n san owó.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà ni pé ìwé lè pé pérépéré kí ọ̀rọ̀ má sì jẹ́ òótọ́. Ọ́dítọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé. Bí ìwé sítọ́ọ̀ bá ní wọ́n ti gba tábìlì wọlé lọ́jọ́ kẹta oṣù, tí lẹ́tà iṣẹ́ sì jáde lọ́jọ́ kẹwàá, a jẹ́ pé ẹrù dé kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ó tún máa ń wò ó bóyá wọ́n gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́. Dípò iṣẹ́ ₦20,000,000 kan, wọ́n lè kọ ọ́ ní ọ̀nà márùn-ún, ₦4,000,000 ₦4,000,000, fún iléeṣẹ́ márùn-ún lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀gá tí agbára rẹ̀ kò tó ₦20,000,000 lè dá fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Bí nọ́ńbà fóònù kan náà bá wà lórí ìwé iléeṣẹ́ mẹ́ta nínú márùn-ún yẹn, kò sí ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣàlàyé. Oṣù tí ọdún ìṣúná ń parí lọ ló yẹ kí ojú rẹ̀ là jù, nítorí ìgbà náà ni wọ́n máa ń sáré ná owó tó bá kù, kó má baà padà sí àpò ìjọba.

Kí ló wá dé tí irú fáúṣà bẹ́ẹ̀ fi ń kọjá? Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìnáwó, ni ọ́dítọ̀ inú ilé ń jábọ̀ fún. Bó bá rí àléébù, ẹni tó fẹ́ san owó náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún. Òfin ní kí ẹ̀dà ìjábọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọ́dítọ̀ Àgbà, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n yàrá tó jókòó sí, ọkọ̀ tó fẹ́ fi lọ ka tábìlì, ọwọ́ ọ̀gá yẹn náà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ Ọ́dítọ̀ Àgbà á dé. Wọn kò lè yẹ gbogbo fáúṣà wò. Díẹ̀ ni wọ́n máa ń yàn, pàápàá àwọn tí owó wọn pọ̀ tàbí tí wọ́n fura sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti ọ́dítọ̀ inú ilé ni pé wọ́n lè jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ ka tábìlì. Ká ní 320 ni wọ́n bá. 180 ló sọnù nìyẹn, ₦7,200,000. Wọ́n á kọ kúèrì sí iléeṣẹ́ náà pé kó ṣàlàyé. Bí àlàyé kò bá wá, tàbí tí kò bá ta létí, ọ̀rọ̀ náà á wọ ìjábọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin méjèèjì.

Níbẹ̀ ni agbára Ọ́dítọ̀ Àgbà Nàìjíríà parí sí. Kò lè gba ₦7,200,000 náà padà, kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìnáwó ìjọba nílé aṣòfin ni yóò pe àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wá rojọ́, òun náà á sì dábàá ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe. Abala 85 fún Ọ́dítọ̀ Àgbà ní 90 ọjọ́ láti parí ìjábọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Àkáńtántì Àgbà bá gbé ìṣirò owó ọdún náà fún un ni kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ìṣirò bá pẹ́, ìjábọ̀ náà á pẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ á bá fi dé orí ọ̀rọ̀ tábìlì, ọ̀gá tó fọwọ́ sí i ti lè fẹ̀yìn tì, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ti lè kúrò níbẹ̀, agbaṣẹ́ṣe sì ti lè yí orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ padà.

Ihò kan tún wà nínú abala 85 yìí. Òfin náà sọ pé Ọ́dítọ̀ Àgbà kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yẹ ìwé owó àwọn àjọ àti iléeṣẹ́ tí ìjọba fi òfin dá sílẹ̀ wò. Ó lè fún wọn ní orúkọ àwọn ọ́dítọ̀ aládàáni tó tóótun kí wọ́n yan nínú wọn, ó lè sọ èrò rẹ̀ lórí ìjábọ̀ tí wọ́n bá mú wá, ó sì lè máa yọjú sí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an sì ni owó ńlá wà. Nígbà tí Sanusi Lámídò Sanusi, gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, sọ ní ọdún 2014 pé $20 bílíọ̀nù owó epo kò dé àpò ìjọba, ọ́fíìsì Ọ́dítọ̀ Àgbà gba iléeṣẹ́ PwC láti lọ wo ìwé NNPC. Ìjábọ̀ tó jáde lọ́dún 2015 ní kí NNPC dá ó kéré tán $1.48 bílíọ̀nù padà. PwC fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ tí òun ṣe kò tó ohun tí à ń pè ní àyẹ̀wò ìwé owó ní kíkún.

Gúúsù Áfíríkà ti gbìyànjú láti fi eyín sí ẹnu ọ́dítọ̀ wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2019, òfin tuntun ti fún Ọ́dítọ̀ Àgbà ibẹ̀ ní agbára láti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ dé òpin. Bó bá rí àìtọ́ ńlá tó mú owó ṣòfò, á sọ fún ọ̀gá tó ń ṣàkóso owó iléeṣẹ́ náà, onítọ̀hún á sì ní 20 ọjọ́ iṣẹ́ láti fèsì. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, Ọ́dítọ̀ Àgbà á kọ àbá sínú ìjábọ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá tẹ̀ lé àbá yẹn, á pa á láṣẹ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Bó bá tún kọ etí ikún, Ọ́dítọ̀ Àgbà lè kọ ìwé gbèsè sí ọ̀gá yẹn lórúkọ ara rẹ̀, kó san owó náà láti inú àpò ara rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè dé àpò òun ni kúèrì tó ń rí èsì kíákíá.

Ní ti Nàìjíríà, òfin tí iṣẹ́ àyẹ̀wò owó ìjọba àpapọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é lọ́dún 1956, kí a tó gba òmìnira. Àtúnṣe tó yẹ kò ṣòro láti mọ̀: kí òfin fún Ọ́dítọ̀ Àgbà ní agbára tó jọ ti Gúúsù Áfíríkà, kí wọ́n dí ihò abala 85, kí ọ́dítọ̀ inú ilé sì lè jábọ̀ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣọ́.

Títí dìgbà náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Ọ́dítọ̀ Àgbà tirẹ̀ lábẹ́ abala 125, ìjábọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ìwé awo. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn ẹni tó bá béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ béèrè ìjábọ̀ ìpínlẹ̀ yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ kúèrì tí kò ní èsì, kí ẹ sì bi aṣòfin tí ẹ dìbò fún pé ọjọ́ wo ni ìgbìmọ̀ wọn máa pe iléeṣẹ́ náà wá rojọ́.