Ọyẹ́ Dé, Ara Ọmọ Ń Yún: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọmọ Kékeré Tó Ní Ẹ́kísímà

Nígbà ọyẹ́, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ kì í gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kékeré kan wà tí tiwọn yàtọ̀. Ara wọn á le, á sán, á sì máa yún wọn tọ̀sán tòru. Wọn á máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi kan aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn. Ọmọ kò ní sùn, ìyá rẹ̀ náà kò sì ní sùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́kísímà ni.

Ẹ̀yin òbí wa, ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: nínú ẹ́kísímà, ọ̀nà tí a gbà ń wẹ ọmọ àti bí ìpara tí a fi ń pa á lára ṣe pọ̀ tó ni ìtọ́jú gan-an. Bí èyí kò bá tọ́, oògùn yòówù tí a bá rà, àìsàn náà á tún padà wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ ọmọ

Ẹ fi awọ ara wé ògiri tí a fi bíríkì mọ. Ọ̀rá tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè ni sìmẹ́ńtì tó so àwọn bíríkì náà pọ̀. Lára ọmọ tó ní ẹ́kísímà, sìmẹ́ńtì yìí kò tó, àléébù náà sì sábà máa ń jẹ́ ohun tó jogún. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí i pé nínú ọ̀pọ̀ irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ẹnì kan wà tó ní ikọ́ fée tàbí tí imú rẹ̀ máa ń dí nígbà gbogbo. Omi inú awọ á máa gba inú ihò ògiri náà jáde, ọṣẹ, eruku àti kòkòrò á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Ara á bínú sí àwọn àjèjì wọ̀nyí, awọ á wú, á sì máa yún. Bí ọmọ bá ti họ ọ́, ihò náà á tún fẹ̀ sí i, yíyún náà á sì pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà gbẹ gan-an, ó sì ń fa omi kúrò lára. Ohun tó ń mú kí àìsàn náà ru sókè lásìkò yìí nìyẹn.

Àìsàn yìí kì í ràn. Ọmọ tó ní in lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, wọ́n sì lè jọ sùn.

Bí a ṣe lè dá a mọ̀

Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ẹ má retí pé ojú ibẹ̀ yóò pọ́n. Ó lè dúdú ju ibi tó kù lọ, ó lè rí bí eérú, tàbí kí ó ní kókó wẹ́wẹ́ tó le bí ìgbà tí òtútù bá mú ènìyàn. Bí ọmọ bá ti ń dàgbà kúrò ní ìkókó, ibi tó sábà máa ń wà ni inú kọ́lọ́fín ìgunpá, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn, ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Ó máa ń wà ní apá méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ó rí roboto, tí etí rẹ̀ ga tí àárín rẹ̀ sì mọ́, làpálàpá ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá sì wà láàárín ìka ọwọ́, tí ara àwọn ará ilé yòókù náà sì ń yún lóru, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kúrúnà. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí ti ẹ́kísímà.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí á mú ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì kan ní Ìlọrin, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni ìyá rẹ̀ máa ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ gbogbo ara rẹ̀, ó sì ń kán oògùn apakòkòrò sínú omi náà kí ara tó ń yún lè mọ́. Lẹ́yìn náà ó á nu ún gbẹ dáadáa, ó á wọ páúdà olóòórùn dídùn sí i lára, ó á sì fi ìpara díẹ̀ pa ibi tó gbẹ jù. Ìyá yìí kò fi iṣẹ́ ṣeré rárá. Àmọ́ omi gbígbóná ń fọ ìwọ̀nba ọ̀rá tó kù lára ọmọ dànù. Eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú mú kí ó lágbára ju ohun tí irú awọ yìí lè gbà lọ. Kànìnkànìn ń ya ojú awọ, oògùn apakòkòrò ń jó o, páúdà sì ń fa èyí tó kù nínú omi ara rẹ̀.

Ìlànà tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé nìyí. Kí ó máa wẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní alẹ́, fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní àárọ̀, kí ó kàn fi omi nu ojú rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni kí ó fi wẹ̀ ẹ́, kí ó lo ọṣẹ tí kò ní òórùn, tí kò sì le, ní abíyá, ìdí àti àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan. Bí ó bá ti gbé e jáde, kí ó fi aṣọ ìnura rọra tẹ omi náà, kí ó má ṣe fi ra á lára. Nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀, kí ìṣẹ́jú 3 tó kọjá, ni kí ó fi ìpara pa gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, títí kan ibi tí kò sí àìsàn. Ìpara náà ni yóò sé omi náà mọ́ inú awọ. Kí ó máa fà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí irun ara ṣe dojú kọ. Kí ó tún pa á ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán bí ara bá tún gbẹ.

Ìpara wo, báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó?

Fasilíìnì tí kò ní òórùn kankan dára, kò sì wọ́n. Òrí tó mọ́, tí wọn kò po nǹkan mìíràn mọ́, náà lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi pa ibi kékeré kan ní apá ọmọ fún bí ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ràn òróró sàítùnì, oúnjẹ tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé bí a bá ń fi pa ara, ó ń sọ ògiri awọ náà di aláìlágbára. Nítorí náà, ẹ má fi pa ọmọ tó ní ẹ́kísímà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ìwọ̀n. Ọmọ tí gbogbo ara rẹ̀ gbẹ yóò lo ike ìpara oníwọ̀n gíráàmù 250, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn tó ṣíbí ìjẹun kan tó kún dáadáa nígbà kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí irú ike bẹ́ẹ̀ bá ń tó oṣù kan lọ́wọ́ yín, ẹ ò tíì máa pa ọmọ náà tó. Ṣíbí tó mọ́ ni kí ẹ máa fi bù ú, kí kòkòrò ọwọ́ má baà wọ inú ike. Kí ẹ sì rántí pé aṣọ tí ìpara ti rin lè tètè gbiná. Ẹ gbé ọmọ jìnnà sí iná àbẹ́là àti sítóòfù.

Àwọn ohun tó ń ru ú sókè

Nínú àpẹẹrẹ wa, bí ìyá náà bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà máa sùn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ká ní ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Kí ó má tíì lọ ra oògùn mìíràn. Kí ó béèrè ohun tó yí padà láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ó lè rántí pé wọ́n ti ń wọ súwẹ́tà onírun fún un nítorí òtútù, láìsí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀, tàbí pé ìyá àgbà wá kí wọn, ó sì fi lọ́fínńdà pa ọmọ lọ́rùn. Àwọn nǹkan mìíràn tó sábà máa ń fà á ni òógùn, ooru, èéfín tùràrí, eruku inú kápẹ́ẹ̀tì, róbù, àti ọṣẹ ìfọṣọ tí a kò ṣan kúrò lára aṣọ. Aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́ ni kí ó máa kan ara ọmọ. Kí a máa gé èékánná rẹ̀ kúrú.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má ṣe ká ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà kúrò lẹ́nu ọmọ ọlọ́dún méjì láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oúnjẹ kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, àìjẹunrekánú sì burú ju ara yíyún lọ.

Nígbà tí ìpara nìkan kò bá tó

Bí ibi kan bá wú tó sì ń yún gidi, dókítà lè kọ ìpara sítẹ́rọ́ìdì tí kò le, bíi haidirokọ́tisóònù, kí a máa fi tín-ín-rín pa ibẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni èyí tó gùn láti orí ìka ìfábẹ̀là àgbàlagbà dé oríkèé àkọ́kọ́. Ó tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì. Kí ó tó bí ìṣẹ́jú 20 láàárín òun àti fasilíìnì.

Èyí kì í ṣe ìpara alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń wo gbogbo àìsàn awọ. Púpọ̀ nínú wọn ní sítẹ́rọ́ìdì tó le koko. Ara ọmọ á dán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé á dúpẹ́. Bí a bá ti dá a dúró, àìsàn á padà pẹ̀lú agbára. Bí a bá sì ń lò ó lọ, awọ á fẹ́lẹ́ bí ìwé.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bí ojú ibẹ̀ bá ń sun omi tó ń gbẹ di èépá aláwọ̀ òféefèé, bí ó bá ń tú ọyún, bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí bí ilé omi wẹ́wẹ́ tó ń ro ó bá sú pọ̀ sójú kan. Kòkòrò ti wọ inú ògiri nìyẹn.

Ẹ́kísímà kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Títí di ìgbà náà, ẹ má dá ìpara dúró nítorí pé ara ti dán, nítorí ìpara náà ló ń mú kí ó dán.