Bí orí kan nínú ìwé ìwádìí ṣe lè di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta

Lọ́dún 2008 ni Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ ìdíje ìṣẹ́jú mẹ́ta fún àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé. Síláìdì kan péré ni òfin ibẹ̀ gbà. Àwọn ìdíje mìíràn gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kánò kọ orí kan lórí ẹ̀pà tí àwọn àgbẹ̀ ń sá sórí ilẹ̀ lásán, tó ń bu, tó sì ń ní májèlé aflatosíìnì, èyí tó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni yóò kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe síláìdì. Bí Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sọ, nǹkan bíi 380 ọ̀rọ̀ ti tó.

Ibi tí ojú àwọn olùgbọ́ bá ti gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni yóò sàmì sí: ẹ̀pà lórí ilẹ̀; ẹ̀pà lórí tapólì; ọ̀pá méjì tó fi iye májèlé wéra. Síláìdì mẹ́ta náà nìyẹn.

Tábìlì èsì ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́, torí bí èèyàn bá ti ń kà á, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ìlànà ìwádìí lè di gbólóhùn kan, àmọ́ kó má yọ èyí tó sọ pé oko tó yẹ̀ wò nìkan ni èsì náà kàn.

Bó bá gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, tó sì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, kókó kan ni kó gé kúrò, kó má sáré sọ̀rọ̀.