Ògiri Adáyẹ̀pẹ̀dúró: Ìṣubú Nìkan Kọ́ La Ń Bẹ̀rù

Ẹni tó bá ra ilẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè n'Ìbàdàn tàbí l'Abẹ́òkúta mọ̀ pé iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ilé fúnra rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gé ara òkè náà wọlé kí ibi tí ilé máa jókòó sí lè tẹ́jú. Ibi tí wọ́n gé á wá dúró gangan, kò sì ní pẹ́ tí òjò á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ògiri kọnkéré onírin ni wọ́n fi ń dá irú yẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Bí ẹ bá bi onílé pé kí ló ń bà á lẹ́rù nípa ògiri náà, yóò ní kó má baà dojú bolẹ̀ ni. Ẹ̀rù yẹn tọ́, àmọ́ nínú ìṣirò, ìdojúbolẹ̀ ló sábà máa ń rọrùn jù láti borí. Ohun tó máa ń gba ògiri lọ́wọ́ oníṣirò ni yíyọ̀, ìyẹn ni kí odindi ògiri, àti ara àti ẹsẹ̀, máa sún síwájú lórí ilẹ̀ tó jókòó lé.

Bí ẹ bá wo ògiri yìí láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà T tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò ni. Apá kan nàró, apá kejì tẹ́ sílẹ̀, irin sì so méjèèjì pọ̀. Apá tó tẹ́ sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ ògiri. Ó ní ìka tó yọ síwájú, sí ọ̀dọ̀ ilé, ó sì ní gìgísẹ̀ tó wọ abẹ́ yẹ̀pẹ̀ lọ lẹ́yìn. Gìgísẹ̀ yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Yẹ̀pẹ̀ tó fẹ́ ti ògiri ṣubú náà ló jókòó lé gìgísẹ̀, tó ń fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ ògiri mọ́lẹ̀.

Báwo la ṣe mọ iye agbára tí yẹ̀pẹ̀ fi ń tì í? Coulomb, ẹnjiníà ológun ará Faransé tó ti kọ́ odi sí erékùṣù Martinique, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1773. Rankine, ará Scotland, tẹ tirẹ̀ jáde lọ́dún 1857. Títí dòní, ọ̀nà àwọn méjèèjì la ṣì ń tọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé yẹ̀pẹ̀ kì í gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ògiri. Nígbà tí típà bá da yanrìn gbígbẹ sílẹ̀, òkìtì náà á dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìsí ohun tó dì í mú, nítorí pé wóró yanrìn ń di ara wọn mú. Èyí tí wọn ò lè dì mú ló kù fún ògiri láti gbé. Bí agbára ìdìmúra yẹ̀pẹ̀ bá tó dígíríì 30, ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo tó wà lókè ibi kan ló ń yí padà di títì sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta yìí ní àdéhùn. Ògiri gbọ́dọ̀ lè yẹ̀ díẹ̀ kúrò lára yẹ̀pẹ̀ kí wóró tó lè di ara wọn mú tán. Fún ògiri mítà 4, ìyẹ̀sẹ̀ náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ nínú yanrìn tó ki, ojú lásán ò sì ní rí i. Ògiri yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí dẹ́kì ilé dì lókè, kò lè yẹ̀ rárá. Nínú yẹ̀pẹ̀ kan náà, ìdajì ni yóò gbé dípò ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá gbé ìṣirò ògiri ìta lọ sí abẹ́ ilé ti dín ẹrù rẹ̀ kù láìtọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ògiri kan. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4 láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ dé orí, ẹsẹ̀ náà nípọn tó mítà 0.4. Ara rẹ̀ nípọn tó mítà 0.3, ìka rẹ̀ yọ síwájú ní mítà 0.7, gìgísẹ̀ wọ ẹ̀yìn ní mítà 1.4. Ẹsẹ̀ náà wá fẹ̀ tó mítà 2.4 lápapọ̀. Orí yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, kò sí ilé tàbí ọkọ̀ lórí rẹ̀. Mítà kan péré nínú gígùn ògiri la máa ń ṣírò. Tọ́ọ̀nù 1.8 ni ìwúwo yẹ̀pẹ̀ nínú mítà onígun mẹ́ta kan, ti kọnkéré jẹ́ 2.4.

Lórí pátápátá, títì yẹ̀pẹ̀ kò sí rárá. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń pọ̀, tó fi di tọ́ọ̀nù 2.4 lórí mítà kan níbùú lóròó ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, tọ́ọ̀nù 4.8 ló ń ti ògiri. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ló pọ̀ sí, agbára náà dà bí ẹni pé ó wà níbi ìdá kan nínú mẹ́ta gíga, ìyẹn mítà 1.33 láti ìsàlẹ̀.

Bí ògiri bá fẹ́ dojú bolẹ̀, orí ìka rẹ̀ ló máa gbà yí. Agbára tó ń yí i ni 4.8 lọ́nà 1.33, ó jẹ́ 6.4. Èyí tó ń dá a padà ni ìwúwo kọ̀ọ̀kan lọ́nà jíjìnnà rẹ̀ sí ìka. Yẹ̀pẹ̀ orí gìgísẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 9.1, ó sì jìnnà sí ìka ní mítà 1.7. Òun nìkan mú 15.4 wá. Kọnkéré, àti ara àti ẹsẹ̀, fi 5 kún un. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 20.4, ó sì ju agbára tó ń yí ògiri lọ ní ìlọ́po 3.2. Ìlọ́po 2 la sábà máa ń béèrè. Ògiri yìí kò lè ṣubú, yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ náà ṣe.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró síbí, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Ìwúwo gbogbo ohun tó tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 14. Bí ìfararọ́ ẹsẹ̀ kọnkéré àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 0.45, tọ́ọ̀nù 6.3 ni ilẹ̀ lè fi di ògiri mú kó má yọ̀. Pín in sí ọ̀nà 4.8, ó jẹ́ 1.3. Ìlọ́po 1.5 la ń fẹ́. Ògiri tí kò lè ṣubú yìí kò yege nínú yíyọ̀.

Bíríkìlà lè sọ pé yẹ̀pẹ̀ tó wà níwájú ìka ẹsẹ̀ yóò dá a dúró. Òótọ́ ni pé yẹ̀pẹ̀ yẹn ní agbára, ṣùgbọ́n èmi kì í kà á. Iwájú ògiri náà ni wọ́n máa ń gbẹ́ gọ́tà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà ri páìpù omi. Ọjọ́ tí ọkọ́ bá kan ibẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tá a gbẹ́kẹ̀ lé ti lọ nìyẹn.

Àtúnṣe tó dáa ni kí gìgísẹ̀ gùn sí i. Ká fi mítà 0.4 kún un, kó di 1.8. Yẹ̀pẹ̀ tó máa gùn ún á pọ̀ sí i, ìwúwo lápapọ̀ á di tọ́ọ̀nù 16.9, agbára ìdìmú á di 7.6, ìlọ́po náà á sì dé 1.6. Bá a bá fi mítà 0.4 yẹn gùn ìka níwájú, kọnkéré tí kò tó ìdajì tọ́ọ̀nù nìkan la fi kún un. Síbẹ̀, gìgísẹ̀ ni wọ́n máa ń gé kúrú níbi iṣẹ́, torí kó tó lè gùn, wọ́n gbọ́dọ̀ tún òkè gé wọlé sí i, iṣẹ́ líle sì ni. Bí àyè ò bá sí lẹ́yìn, a lè fi kọnkéré ṣe eyín kan sábẹ́ ẹsẹ̀ tó máa wọ inú ilẹ̀ tó le.

Ó ku bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè gbé e. Títì yẹ̀pẹ̀ máa ń gbé ẹrù síwájú, nítorí náà abẹ́ ìka ló ń gba ẹrù jù. Lẹ́yìn tá a fi kún gìgísẹ̀, ibi tí ẹrù náà ti ń tẹ̀ wá síwájú àárín ẹsẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Tọ́ọ̀nù 7.6 wà lórí mítà kan níbùú lóròó lábẹ́ ìka, 4.5 lábẹ́ gìgísẹ̀. Bí àyẹ̀wò ilẹ̀ bá ní ibẹ̀ lè gba 15, kò séwu. Ohun tí a kì í gbà ni kí ẹrù jáde kúrò nínú ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà láàárín ẹsẹ̀. Bó bá jáde, gìgísẹ̀ á fẹ́ gbéra nílẹ̀, ìka á sì máa rì.

Gbogbo ohun tí mo ṣírò yìí, yẹ̀pẹ̀ tí omi ò kún ló wà fún. Ká ní ihò tí omi ń gbà jáde lára ògiri ti dí, tí òjò ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì mú kí omi kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé orí. Wóró yẹ̀pẹ̀ inú omi fúyẹ́, títì tiwọn á wálẹ̀ sí tọ́ọ̀nù 2.7. Àmọ́ omi kò ní wóró tó lè di ara wọn mú. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló fi ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn tọ́ọ̀nù 8. Àpapọ̀ rẹ̀ di 10.7, ó ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi náà á tún wọ abẹ́ ẹsẹ̀, á máa gbé ògiri sókè, agbára ìdìmú á sì dín kù sí nǹkan bíi 5.7. Tọ́ọ̀nù 5.7 kò lè dá 10.7 dúró. Ògiri tá a ti tún ṣe náà á yọ̀. Ẹrù abẹ́ ìka á fò dé tọ́ọ̀nù 18, bẹ́ẹ̀ 15 ni ilẹ̀ lè gbà. Lórí ìdojúbolẹ̀ nìkan ló ṣì fi díẹ̀ borí, ní ìlọ́po 1.2.

Ìdí nìyí tí kì í fi yẹ kí wọ́n da amọ̀ tó máa ń mu omi mọ́ ẹ̀yìn ògiri. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn tó rí kókó ló yẹ níbẹ̀, pẹ̀lú páìpù tó ń gbé omi jáde nísàlẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rin gbingbin, tí ihò ara ògiri sì gbẹ táútáú, ihò náà ti dí nìyẹn. Ẹ tún wo orí ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Bí ẹ bá rí ìlà tó sán gbọọrọ ní ìbámu pẹ̀lú ògiri, tàbí tí àlàfo yọ láàárín yẹ̀pẹ̀ àti orí ògiri, ògiri ti ń rìn. Bí ilẹ̀ iwájú ìka bá sì wú sókè, yíyọ̀ tàbí rírì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó èèyàn kúrò nítòsí rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnjiníà.

Àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò sọ bóyá odindi òkè náà lè ya lulẹ̀ pẹ̀lú ògiri lórí rẹ̀. Ìyẹn ní ìṣirò tirẹ̀, ó sì pọn dandan níbi tí òkè bá ga. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó da kọnkéré ẹsẹ̀, ẹ ní kí ẹnjiníà fi ìwé ìṣirò hàn yín. Ẹ wá yíyọ̀ níbẹ̀, ẹ wo bóyá ó ka yẹ̀pẹ̀ iwájú mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tí omi máa gbà jáde. Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ dá ìwé náà padà fún un.