Ohun Tí Ìborùn Àṣàkẹ́ Ń Bò Mọ́lẹ̀

Ìtàn àròsọ ni èyí, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé.

Ọmọ ìlú Kétu ni Àṣàkẹ́. Ọmọ ọdún 15 ni, ó wà ní ọdún kẹrin ní kọléèjì, ó sì ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Bẹ́pẹ́sé. Láti kékeré ni ó ti máa ń tijú. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó máa ń sá sí.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 13, irorẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ sí iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n. Àwọn kan kéré, orí wọn sì dúdú. Àwọn mìíràn wú, wọ́n ń ro ó, wọ́n sì ní ọyún nínú. Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì pè é ní «Ojú Àgbàdo», gbogbo kíláàsì sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Àṣàkẹ́ ti ń fi ìborùn bo ojú rẹ̀ títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń fi àtíkè kun ojú nípọnnípọn. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ó yàn, kò sì na ọwọ́ sókè mọ́, bí ó tilẹ̀ mọ ìdáhùn.

Ó rò pé ìdọ̀tí ló fa irorẹ́ náà. Nítorí èyí, ó ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ojú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ó sì ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Ní alẹ́, bí gbogbo ilé bá ti sùn, á jókòó níwájú dígí, á sì máa fi èékánná fún irorẹ́ náà. Ibi tó bá fún lónìí á wú lọ́la. Bí ó bá sì jinná, á fi àpá dúdú sílẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ó dúró níwájú obìnrin kan tó ń ta ìpara. Obìnrin náà fún un ní rọ́bà kékeré kan, ó ní, «Fi èyí pa ojú láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí oṣù yìí tó parí, ojú rẹ á dán.» Àṣàkẹ́ fi owó oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ rà á.

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irorẹ́ náà rọlẹ̀, ojú rẹ̀ dán, ó sì pupa díẹ̀. Inú Àṣàkẹ́ dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì, irorẹ́ tuntun yọ. Èyí yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Wọ́n kéré, wọ́n pọ̀, wọ́n sì dọ́gba bí ọkà bàbà. Ooru àti oòrùn ń ta ojú rẹ̀. Ó fi ìpara náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jó o, ó ń yún un, ó sì wú. Ó tún padà sí i, ara sì tù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé kò lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Àkókò wá tó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú fọ́tò wá kí a lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìdánwò. Ìyá Àṣàkẹ́ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ayàwòrán. Ayàwòrán náà ní kí ó ṣí ìborùn kúrò, nítorí pé gbogbo ojú gbọ́dọ̀ hàn. Àṣàkẹ́ dìde, ó sá lọ sílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ jókòó tì í lórí ẹní.

«Àṣàkẹ́, kí ló dé?»

«Màámi, mi ò ní ṣe ìdánwò náà mọ́.»

Ìyá rẹ̀ rọra ṣí ìborùn náà fúnra rẹ̀, ó sì gbé fìtílà súnmọ́ ọn. Ó ti mọ̀ pé ọmọ òun ní irorẹ́. Ó rò pé àmì àgbà lásán ni, pé á lọ bó ṣe wá. Ohun tó rí lálẹ́ yìí kì í ṣe ohun tó rò.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wo ojú ọmọ náà, ó kọ ìwé fún wọn, ó sì ní kí wọ́n lọ rí dókítà tó ń tọ́jú awọ ara ní Àjàṣẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n wọ takisí, wọ́n gba Pobè àti Sákété kọjá, wọ́n sì dé Àjàṣẹ́ kí oòrùn tó mú.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó fún Àṣàkẹ́ ní omi láti fi fọ àtíkè kúrò. Lẹ́yìn náà, ó fi iná wo iwájú orí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó béèrè ìgbà tí irorẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń wá, àti irú òróró tó ń fi sí irun. Àṣàkẹ́ dáhùn gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà béèrè ohun tó fi ń pa ojú, ó dákẹ́, ó sì wo ilẹ̀.

Dókítà kò bá a wí. Ó ní, «Ọmọ mi, mo ti rí irú irorẹ́ tó dọ́gba báyìí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mú un jáde ká jọ wò ó.»

Àṣàkẹ́ yọ rọ́bà náà láti inú àpò rẹ̀. Dókítà fi ìka tọ́ka sí àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lára rẹ̀, ó sì kà á sókè: «Kilobetasọ́ọ̀lì.»

Ìyá Àṣàkẹ́ béèrè pé, «Kí nìyẹn, Dókítà?»

«Oògùn tó lágbára gan-an ni, màmá. Ọ̀kan lára àwọn oògùn tí a ń pè ní kọ́tíkọ́ídì ni. Àwa náà ń lò ó fún àwọn àrùn ara kan, fún ọjọ́ díẹ̀, a kì í sì í sábà fi sí ojú. Ó máa ń mú kí ara tó wú rọlẹ̀ kíákíá. Ìdí nìyí tí ojú ọmọ yín fi dán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún máa ń bó ara, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tà á fún àwọn tó fẹ́ pupa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó lọ, awọ ojú á di tẹ́ẹ́rẹ́, oògùn náà fúnra rẹ̀ á sì mú irorẹ́ mìíràn jáde. Bí a bá dá a dúró, gbogbo wíwú tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń lò ó á rò pé àìlò ó ló fa ìyọnu, á sì padà sí i.»

«Irorẹ́ ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò mọ́ ni?»

«Rárá, màmá. Nígbà tí ọmọ bá ń dàgbà, awọ ara rẹ̀ á máa pèsè ọ̀rá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rá náà ń gba ihò kéékèèké tí irun ara ti ń hù jáde. Bí ihò náà bá dí, ọ̀rá á há sínú rẹ̀, kòkòrò tó ń gbé lára wa á pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ á sì wú. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Fífọ ojú léraléra kò lè ṣí ihò náà. Bí a bá sì fún un, a lè ti ọyún náà lọ sínú.»

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. «Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìpara yìí ni a ó kọ́kọ́ bá jà.»

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ní kí Àṣàkẹ́ dá ìpara náà dúró, kí ó máa fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó sì fi ìpara lásán tí kò ní òórùn dídùn pa á. Ó kìlọ̀ fún un pé ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ burú sí i. Ó tún ní kí ó má ṣe jẹ́ kí òróró irun ṣàn dé iwájú orí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì náà, á bẹ̀rẹ̀ oògùn méjì. Ti àárọ̀ ń jẹ́ pẹrọ́sídì bẹnsọ́ílì, èyí tó ń pa kòkòrò. Ó máa ń bó àwọ̀ aṣọ, nítorí náà, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ kí ó tó wé ìborùn. Ti alẹ́ ń jẹ́ adapalẹ́ẹ̀nì, èyí tó ń ṣí ihò tó dí. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó fún gbogbo ojú, kì í sì í ṣe orí irorẹ́ nìkan ni a ń fi sí. Kí ó máa lò ó ní alẹ́ kan, kí ó fo alẹ́ kejì, títí ojú á fi mọ́ ọn lára. Dókítà ní aláboyún kì í lo ti alẹ́ yìí.

«Ìgbà wo ni á lọ?» Àṣàkẹ́ béèrè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bi dókítà nìyí.

«Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí o tó rí ìyàtọ̀ tó hàn dáadáa. Àpá dúdú á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Máa dé fìlà nínú oòrùn, nítorí pé oòrùn ń mú kí àpá náà dúdú sí i.»

Ojú Àṣàkẹ́ burú ní ọ̀sẹ̀ kìíní bí dókítà ti wí. Ní alẹ́ kẹrin, ó ní kí ìyá òun fún òun ní rọ́bà àtijọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ti jù ú sínú ṣáláńgá. Ó rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tútù, ó sì fi lé ojú ọmọ rẹ̀ títí ó fi sùn.

Ọjọ́ ìkẹyìn fún fọ́tò kò dúró de ìwòsàn. Àṣàkẹ́ padà sí ọ̀dọ̀ ayàwòrán, ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó sì ya fọ́tò náà pẹ̀lú irorẹ́ lójú.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n padà sí Àjàṣẹ́. Irorẹ́ tuntun kò ju mẹ́rin lọ. Àpá dúdú ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣá. Ihò kékeré kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, níbi tó máa ń fún jù, dókítà sì sọ òtítọ́ fún un pé èyí lè má lọ. Ó ní kí ó má dá oògùn dúró nítorí pé ojú ti dán, kí ihò má baà tún dí.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì ìsàlẹ̀ wá bá Àṣàkẹ́ lábẹ́ igi. Àtíkè nípọn lójú rẹ̀. Ó rọra béèrè pé, «Ẹ̀gbọ́n, ìpara wo lẹ fi pa á?»

Àṣàkẹ́ fà á jókòó. «Kọ́kọ́ mú èyí tí ìwọ ń lò wá,» ó ní, «ká jọ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.»